Ọtanétọ̀

Ọtanétọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èsìẹ́ sí Òmù-Àrán lálẹ́ gbà pé bátìrì ló ń tan iná iwájú ọkọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá bátìrì ti parí bó bá ti yí sítáátà tán. Láti ìgbà náà, bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni yóò máa yí mágínẹ́ẹ̀tì láàárín wáyà kọ́pà inú ọtanétọ̀, iná á sì jáde. Iná yìí a máa lọ síwá-sẹ́yìn, bátìrì kò sì lè gba irú rẹ̀. Dáyóòdù ló ń sọ ọ́ di alọ-má-bọ̀, rẹ́gúlétọ̀ ló sì ń ṣàkóso ọtanétọ̀ kí iná náà má bàa kọjá ìwọ̀n. Mítà ni ẹ̀rí: bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn bí ọkọ̀ bá wà ní pípa, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á gòkè sí nǹkan bíi 14. Bátìrì kò lè dá fi kún ara rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ọkọ̀ tí ọtanétọ̀ rẹ̀ ti kú ṣì ń rìn. Òótọ́ ni, àmọ́ gbèsè bátìrì ló ń jẹ: iná pupa alámì bátìrì á tàn níwájú awakọ̀, iná iwájú á máa ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì á fi kú. Bátìrì tuntun kò lè wo àrùn yẹn sàn. Ẹ̀yin tó sì ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán ọtanétọ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Iná lè ru sókè lójijì kó jó dáyóòdù. Mítà ni kẹ́ ẹ lò.