Pípa WPS lórí ráútà

WPS jẹ́ ìlànà kan tí ẹgbẹ́ Wi-Fi Alliance gbé jáde ní ọdún 2006, kí a lè so fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ráútà láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn. Ó máa ń dín ààbò Wi-Fi kù, nítorí pé ẹni tí ó bá rí nọ́ńbà PIN rẹ̀ yóò gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ráútà fúnra rẹ̀, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà le tó.

== Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ==

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni bọ́tìnì: bí a bá tẹ̀ ẹ́, ráútà yóò gba ẹ̀rọ tuntun láàyè fún ìṣẹ́jú 2 péré. Èkejì ni PIN onídíjíìtì 8, tí a sábà máa ń rí lára ráútà. Ọ̀nà kejì yìí ni ó léwu jù, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ ráútà, kò sí ìgbà tí a kò lè dán PIN náà wò.

== Àléébù PIN ==

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Stefan Viehböck, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Austríà, fi hàn pé ráútà kì í yẹ díjíìtì 8 náà wò pọ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìdáhùn rẹ̀ sì ń fi hàn bóyá wọ́n tọ̀nà, kí ó tó kan mẹ́rin ìkẹyìn.

Bí àpẹẹrẹ, nínú PIN `12345670`, apá kìíní ni `1234`, apá kejì sì ni `5670`. Òdo ìparí kì í ṣe àṣírí, nítorí pé láti ara díjíìtì 7 tí ó ṣáájú ni a ti ń ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, apá kìíní ní 10,000 ọ̀nà, apá kejì sì ní 1,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 11,000, dípò 10,000,000 tí ì bá jẹ́ bí a bá ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò pọ̀. Bí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 3, iṣẹ́ tí ì bá gba nǹkan bí oṣù 11 yóò parí láàárín nǹkan bí wákàtí 9.

== Bí a ṣe ń pa á ==

# Kí a fi aṣàwákiri ṣí àdírẹ́sì ráútà, tí ó sábà máa ń jẹ́ `192.168.0.1` tàbí `192.168.1.1`.
# Kí a wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó.
# Kí a wá `WPS` lábẹ́ `Wireless`.
# Kí a yan `Disable`, kí a sì tẹ `Save`.
# Lẹ́yìn náà, kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi padà.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí ó ti gba ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ́lẹ̀ ṣì lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i padà láìpa WPS, PIN àtijọ́ yóò tún tú tuntun náà síta.

== Ààlà ==

Lórí àwọn ráútà àtijọ́ kan, WPS ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa á. Láti mọ̀, a lè lo áàpù ayẹ̀wò Wi-Fi lórí Android: bí `[WPS]` bá ṣì hàn nínú àlàyé ráútà náà, kò tíì kú. Bí ìmúdójúìwọ̀n ètò inú ráútà kò bá yanjú rẹ̀, pípààrọ̀ ráútà ni ó kù.