Orúkọ Wo Ni A Ó Pe Ọkọ̀ Ilé-Iṣẹ́ Nínú Ìwé Owó-Orí?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ owó-orí sí Yorùbá lóde òní kò wo ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò wo ojú ọmọ, kí wọn tó ké orúkọ jáde. Mo ka ìwé pélébé kan tí a pín fún àwọn òṣìṣẹ́, nínú èyí tí a ti pe ọkọ̀ àti ilé tí agbanisíṣẹ́ fi sí ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ní "àǹfààní ní irú", inú mi sì bàjẹ́ gidigidi, nítorí kò sí ọmọ Oòduà kan, ìbáà ṣe ará Ọ̀yọ́ tàbí ará Ìjẹ̀bú, tí yóò gbọ́ gbólóhùn náà tí yóò mọ ohun tí a ń wí.

Ohun tí a ń wí kò le. Òfin owó-orí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1993 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá ra ọkọ̀ fún òṣìṣẹ́ láti máa lò, a ó ka ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a fi rà á sí owó tí òṣìṣẹ́ náà gbà lọ́dọọdún, a ó sì rò ó pọ̀ mọ́ owó-oṣù rẹ̀ kí a tó ṣírò owó-orí. "Owó-oṣù", "owó-orí" àti "agbanisíṣẹ́" kò fa àríyànjiyàn kankan. Ọkọ̀ àti ilé náà gan-an ni kò tíì lórúkọ.

Àwọn kan ní kí a pè é ní "ẹ̀bùn". N kò gbà, nítorí ohun tí a bá fi ta ènìyàn lọ́rẹ ti di tirẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ń bẹ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yóò dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ẹ wo akọ̀wé àgbà kan ní Ìbàdàn tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000 lọ́dún 2024, tí wọ́n ra ọkọ̀ ₦20,000,000 fún. Bí ó bá gbọ́ "ẹ̀bùn", àyà rẹ̀ yóò já, yóò rò pé gbogbo ogún mílíọ̀nù ni a ó dì lé òun lórí. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ₦1,000,000 péré ni a ó fi kún owó rẹ̀, òfin yóò dá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sí, owó-orí yóò sì mú ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ₦800,000 tí ó kù, èyí tí í ṣe ₦192,000 lọ́dún, tàbí ₦16,000 lóṣù. (Láti January 1, 2026, òfin titun ti pa ìdásí yẹn rẹ́, ó sì ti tún ìwọ̀n owó-orí tò.)

Èmi mú "àjẹmọ́nú" wá, ọ̀rọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀. "Jẹ" inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu, ti "jẹ èrè" àti "jẹ ogún" ni. "Mọ́" sì ni èyí tí ó wà nínú "rò ó mọ́ ọn", tí í ṣe iṣẹ́ tí òfin ń ṣe gan-an. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé owó gidi ni a ti fi ń pè, bí owó ilé àti owó ọkọ̀ tí a ń san lóṣooṣù, èyí tí a ń kà ní náírà sí náírà, kì í ṣe ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni mo ṣe so "àlò" mọ́ ọn lẹ́yìn, tí ó di "àjẹmọ́nú àlò". Àlò kì í ṣe àjèjì: ẹni tí ó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù mọ̀ pé lílò ẹlòmíràn ni ó ti kọjá lára rẹ̀. Lílò náà ni òfin ń díye lé, kì í ṣe níní.

Ní ti ilé, lábẹ́ òfin 1993 yẹn, a kì í wo iye tí a fi kọ́ ọ. Iye tí ìjọba ìbílẹ̀ dá lé e láti fi gba owó réètì ni a ń kà, a ó sì yọ owó tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń san kúrò. Bí iye náà bá jẹ́ ₦600,000, tí òṣìṣẹ́ sì ń san ₦150,000, àjẹmọ́nú àlò rẹ̀ jẹ́ ₦450,000. Ẹnìkan fẹ́ kí a pe iye yìí ní "ìdíyelé-ọdọọdún-ibùgbé". Èmi ní kí a pè é ní "iye réètì", nítorí àwọn onílé ti ń san réètì láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ọmọ ilé.

Ẹ̀yin oníṣirò owó, àti ẹ̀yin oníròyìn tí ń ka ọ̀rọ̀ ìjọba lórí rédíò, mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ṣàlàyé ìwé owó-oṣù fún òṣìṣẹ́, ẹ kọ "àjẹmọ́nú àlò" síwájú ọkọ̀ àti ilé, kí ẹ sì kọ "àjẹmọ́nú" lásán síwájú owó.