Ẹni Tó Lẹ́rú Ló Lẹ́rù: Orin Olórin Nínú Àwo Ẹgbẹ́ Akọrin

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Láyé òwò ẹrú, ohunkóhun tí ẹrú bá gbé karí, olówó rẹ̀ ló ni ín. Ẹni tó pàdé rẹ̀ lọ́nà kò lè sọ ẹrù náà di tirẹ̀. Orin tí a kọ sínú àwo ń ru owó bọ̀ bákan náà: owó àwo títà, owó orí ayélujára, owó rédíò. Ohùn tó kọ ọ́ lè jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀dá orin ní ìpín nínú ẹrù tí orin rẹ̀ rù.

Ibi tí òwe yìí ti ń fẹ́ àlàyé ni pé orin kan ṣoṣo lè ní olówó mẹ́ta. Ká ní ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ní Kuje, ní Amuwo-Odofin, fẹ́ kọ How Great Thou Art ní Yorùbá sínú àwo wọn. Carl Boberg ló kọ ewì tí orin náà ti ṣẹ̀ wá ní Súwídìn ní 1885. Ó kú ní 1940. Stuart Hine, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ayé mọ̀. Ó kú ní 1989. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí 70 ọdún yóò fi pé lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Ti Boberg parí pẹ̀lú 2010. Ti Hine di ìparí 2059. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ Yorùbá wa bá ti inú ọ̀rọ̀ Hine wá, a ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá náà ní ẹ̀tọ́ lórí ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tó to ohùn mẹ́rin rẹ̀ sì ní lórí ètò ohùn tó ṣe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kí a tó san owó sitúdíò: ká kọ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ká kọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ẹni tó ni ohùn, ẹni tó túmọ̀, ẹni tó tò ó, àti ọdún tí oníkálukú kú. Orin ìyìn àkópọ̀ ló máa ń tú àṣírí ẹgbẹ́. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n lè kọ orin márùn-ún pọ̀ kí wọ́n sì fún un ní orúkọ kan lẹ́yìn àwo. Orin márùn-ún ṣì ni. Bí a kò bá mọ ẹni tó ni ègbè kan, èyí kò sọ ọ́ di orin ìbílẹ̀. Olórin kan tó ṣì wà láàyè lè ti gbé e jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Iṣẹ́ kejì ni lẹ́tà. A lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ MCSN, ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2017 láti máa gba owó ẹ̀tọ́ orin, bóyá iṣẹ́ olórin náà wà lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni orin sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ìwé orin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ©. Ká sọ iye àwo tí a fẹ́ tẹ̀, bí orin ṣe gùn tó, orílẹ̀-èdè tí a ó ti tà á, bóyá a ó ṣe fídíò, àti bóyá a túmọ̀ rẹ̀. Àṣẹ ohùn nìkan kò kó fídíò mọ́ra.

Owó àṣẹ kò fi bẹ́ẹ̀ le bí a bá ṣírò rẹ̀ ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti dá iye lé e: ní 2025, sẹ́ńtì 12.7 ni fún orin kọ̀ọ̀kan tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Bí ìjọ kan ní Houston bá ṣe 500 àwo lọ́dún náà, dọ́là 63.50 ni ti orin kan. Orin márùn-ún inú àkópọ̀ di dọ́là 317.50. Iye tí òfin dá yìí kò kan ìtumọ̀. Ti ìtumọ̀, olórin fúnra rẹ̀ ni a ó bẹ̀. Ní Nàìjíríà, ohun tí àwa àti olórin tàbí aṣojú rẹ̀ bá fẹnu kò sí ni a ó san, kí ó sì wà lórí ìwé.

Ohun méjì ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ìwé àṣẹ CCLI tí àwọn ìjọ kan ń sanwó fún jẹ́ fún orin kíkọ nínú ìsìn, bíi fífi ọ̀rọ̀ orin hàn lára ògiri. Kò kan àwo fún títà. Èkejì ni ohùn ìlù tí a gbà láti orí YouTube láti kọrin lé lórí. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ló ni ín, yàtọ̀ sí ẹni tó ni orin. Bí a bá lò ó láìgbàṣẹ, ẹ̀rọ YouTube lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí a bá gbé orin wa síbẹ̀, kí owó rẹ̀ sì máa lọ sọ́dọ̀ oní-nǹkan.

Bí lẹ́tà wa kò bá rí èsì, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àṣẹ. Ká yọ orin náà, ká fi èyí tó ti bọ́ sí gbangba rọ́pò. Alùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ó kú ní 1930, ẹ̀tọ́ lórí àwọn orin tó ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ sì parí pẹ̀lú ọdún 2000. Ẹgbẹ́ akọrin lè kọ wọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí olùdarí wọn bá to ohùn àwọn orin náà fúnra rẹ̀ tí kò sì da ètò ohùn tí ẹlòmíràn ṣe láìpẹ́ yìí kọ.