Ìṣúná Owó Ìwádìí ní Yunifásítì: Bí A Ṣe ń Ṣàlàyé Iye Kọ̀ọ̀kan

Olùkọ́ yunifásítì tí ó bá ń béèrè owó ìwádìí lọ́wọ́ àjọ TETFund, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ LASRIC ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ní láti fi hàn pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe ni ó bí iye owó tí òun kọ sílẹ̀. A ó fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀.

Ká sọ pé olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, Ọ̀jọ́, fẹ́ mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ṣalángá ń wọ inú kànga tí àwọn ará Ẹgbẹ́dá ń pọn. Yóò bu omi nínú kànga 20, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ni a dá àwọn iye owó ìsàlẹ̀ yìí fún àpẹẹrẹ. Wọn kì í ṣe iye ọjà.

Owó ìrìnnà. Omi tí a fẹ́ yẹ̀ wò fún kòkòrò àìfojúrí kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà. Inú yìnyín ni a ń gbé e sí, ó sì dára kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6. Bí a bá ro ti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Ìgándò sí Ìbà, kànga 5 ni ó ṣeé ṣe lóòjọ́. Kànga 20 yóò gba ọjọ́ 4. Ìgbà méjèèjì yóò gba ọjọ́ 8. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ₦60,000 lóòjọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦480,000. Ẹni tí ó bá kọ ọjọ́ 2 nítorí kí owó lè kéré yóò gbé omi tí ó ti pẹ́ dé yàrá àyẹ̀wò. Èsì rẹ̀ lè ṣi àwọn ará ilé lọ́nà.

Irinṣẹ́. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ní. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń mú kòkòrò dàgbà bá wà níbẹ̀, kí ó má béèrè òmíràn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ alágbèéká tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, kí ó so ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹtajà mọ́ ìbéèrè rẹ̀, kí ó sì ka omi tí a fi ń tún ẹ̀rọ náà ṣe déédéé mọ́ ọn. Ẹ fi í sí ₦350,000.

Àjẹmọ́nú akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù tí iṣẹ́ wà ni a ń san. Akẹ́kọ̀ọ́ 2 yóò bu omi, wọn yóò sì ka èsì fún oṣù 2 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ oṣù 4. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń gba ₦50,000 lóṣù, àpapọ̀ jẹ́ ₦400,000. Ẹni tí ó bá kọ oṣù 12 sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí iṣẹ́ oṣù 8 yòókù.

Àpapọ̀ ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦1,230,000. Kí olùkọ́ tó fi ìwé ránṣẹ́, kí ó fi ìṣúná wé ètò iṣẹ́: bí kànga bá di 30 nínú ètò, tí ọjọ́ ìrìnnà ṣì jẹ́ 8, aṣàyẹ̀wò yóò rí i pé àwọn méjèèjì kò bára mu.