Bí Tẹsitọsitẹróònù Ṣe Lè Dá Ìpèsè Àtọ̀ Dúró: Ìtàn Ìwádìí Kan Láti 1849 sí 1990

Ní ọdún 1849, ní ìlú Gọ́tíńgẹ̀n ní ilẹ̀ Jámánì, olùkọ́ yunifásítì kan tí ń jẹ́ Arnold Berthold tẹ ọmọ àkùkọ mẹ́fà lọ́dàá. Ó fi àwọn kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá kórópọ̀n padà sínú ikùn àwọn mìíràn, ó sì rán wọn pa. Àwọn tí kò ní kórópọ̀n mọ́ di òdá: ogbe wọn kò dàgbà, wọn kì í kọ, wọn kì í sì í bá àkùkọ ẹgbẹ́ wọn jà. Àwọn tó gba kórópọ̀n padà dàgbà bí àkùkọ gidi. Nígbà tí Berthold pa wọ́n láti wo inú wọn, ó rí i pé kórópọ̀n náà ti lẹ̀ mọ́ ìfun, ó sì ti ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára tẹ́lẹ̀ ti gé dànù. Ó parí èrò sí i pé ohun kan ń ti inú kórópọ̀n bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e kiri ara.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tó ń fi maikirosikóòpù wo kórópọ̀n rí irú sẹ́ẹ̀lì méjì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Franz Leydig ṣàpèjúwe àkọ́kọ́ ní 1850: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kóra jọ síta, láàárín àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó kún inú kórópọ̀n. Enrico Sertoli ṣàpèjúwe èkejì ní 1865: àwọn sẹ́ẹ̀lì gíga tó wà nínú ọ̀pá náà fúnra rẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó ń dàgbà rọ̀ mọ́ bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ olùtọ́jú. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì Leydig ló ń pèsè ohun tí Berthold sọ.

Ní 1935 ni ẹgbẹ́ Ernst Laqueur ní Amsitadámù yọ ohun náà jáde ní mímọ́, wọ́n sì pè é ní tẹsitọsitẹróònù. Nínú nǹkan bí kílógírámù 100 kórópọ̀n akọ màlúù, míligírámù 10 péré ni wọ́n rí. Ìdí ni pé kórópọ̀n kì í kó họ́mónù yìí pamọ́. Bó ṣe ń pèsè rẹ̀ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún kan náà, Adolf Butenandt àti Leopold Ružička ṣe irú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì ní 1939. Láti ìgbà náà ni oògùn náà ti di ohun tí dókítà lè gún fún ènìyàn.

Kí wọ́n tó yọ ọ́ jáde pàápàá, ìbéèrè kan tó le ti yọjú. Philip Smith ti fi hàn lẹ́yìn 1926 pé bí a bá yọ pítúítárì kúrò lára eku, kórópọ̀n rẹ̀ yóò rọ. Pítúítárì kò ju ẹ̀wà kan lọ ní títóbi lára ènìyàn, abẹ́ ọpọlọ ló sì rọ̀ sí. Ìyẹn fi hàn pé kórópọ̀n kì í dá ṣiṣẹ́ láìsí àṣẹ láti òkè. Ní 1932, Carl Moore àti Dorothy Price ní Ṣikágò fún eku tí ara rẹ̀ le ní họ́mónù akọ, wọ́n sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: kórópọ̀n eku náà rọ. Nígbà tí wọ́n fún eku ní omi tí wọ́n fún láti inú pítúítárì pẹ̀lú họ́mónù náà, kórópọ̀n kò rọ mọ́. Nítorí náà, họ́mónù yìí kò ba kórópọ̀n jẹ́ ní tààrà. Pítúítárì ló ń kó níjàánu, kórópọ̀n sì ń jìyà àìrí àṣẹ gbà. Lójú òǹkọ̀wé yìí, àyẹ̀wò yẹn ni òpómúléró gbogbo ìtàn náà.

Ní ọdún 1932 kan náà, Roy McCullagh dábàá pé ońṣẹ́ kejì tún wà tí ń lọ láti kórópọ̀n sí pítúítárì, ó sì pè é ní ínhíbìn. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́, àfi nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde ní mímọ́ ní 1985. Sẹ́ẹ̀lì Sertoli ló ń pèsè rẹ̀.

Ó kù kí a mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún pítúítárì. Geoffrey Harris ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi hàn pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ló so ó mọ́ haipotálámọ́ọ̀sì, apá kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, pé inú wọn sì ni àṣẹ ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ní 1971, ẹgbẹ́ Andrew Schally ní Amẹ́ríkà tú àṣẹ náà fó, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ tó pọ̀ jọjọ. Họ́mónù kékeré ni, ámínò ásíìdì mẹ́wàá péré ló ní. A óò pè é ní họ́mónù àṣẹ níhìn-ín. Schally àti Roger Guillemin, tó ń bá a díje, wà lára àwọn tó pín Ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Ní 1978, Ernst Knobil àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀bọ hàn pé bí họ́mónù àṣẹ bá ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, pítúítárì yóò dáhùn. Bí ó bá ń ṣàn láìdúró, pítúítárì yóò dákẹ́. Àṣẹ náà gbọ́dọ̀ ní ìdánudúró kí ó tó jẹ́ àṣẹ.

Ètò tí gbogbo èyí fi hàn nìyí. Haipotálámọ́ọ̀sì ń tú họ́mónù àṣẹ jáde ní ìgbà dé ìgbà. Pítúítárì á wá tú họ́mónù méjì sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ìwé àyẹ̀wò máa ń kọ ní LH àti FSH. LH ń lọ bá sẹ́ẹ̀lì Leydig kí ó lè pèsè tẹsitọsitẹróònù. FSH ń lọ bá sẹ́ẹ̀lì Sertoli. Tẹsitọsitẹróònù ń padà lọ dín àṣẹ kù ní haipotálámọ́ọ̀sì àti ní pítúítárì. Ínhíbìn ń dín FSH nìkan kù ní pítúítárì.

Kókó tí kò yẹ kí ó bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ ni pé tẹsitọsitẹróònù inú kórópọ̀n tó nǹkan bí ìlọ́po 50 sí 100 ti inú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà gan-an ni wọ́n ti ń pèsè rẹ̀. Iye gíga yìí ni sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ nílò láti dàgbà. Bí a bá wá gún ọkùnrin lábẹ́rẹ́ tẹsitọsitẹróònù, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sókè, haipotálámọ́ọ̀sì á rò pé iṣẹ́ ti pé, LH àti FSH á sì lọ sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì Leydig kò ní rí àṣẹ gbà mọ́. Họ́mónù á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n á ṣọ̀wọ́n nínú kórópọ̀n níbi tí a ti nílò rẹ̀.

Carl Heller àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ròyìn ní 1950 pé abẹ́rẹ́ yìí ń dá àtọ̀ dúró lára ọkùnrin, ó sì ń padà bí a bá ṣíwọ́. Àyẹ̀wò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Wọ́n gba ọkùnrin 271 tí ara wọn le wọlé ní ibùdó mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè méje, wọ́n sì ń gún oníkálukú ní míligírámù 200 tẹsitọsitẹróònù ẹnántéètì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtọ̀ kò tán lọ́jọ́ kan: ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kan tó dàgbà tán, nítorí náà àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ṣì ń jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ìkẹyìn, 157 nínú wọn dé ibi tí a kò ti rí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kankan nínú omi àtọ̀ wọn mọ́. Àwọn yìí àti ìyàwó wọn gbára lé abẹ́rẹ́ náà nìkan títí dé ọdún kan, oyún kan ṣoṣo ló sì wáyé. Lára àwọn kan nínú àwọn yòókù, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ṣì ń jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣíwọ́ abẹ́rẹ́, àtọ̀ padà, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ló gbà.

Láti inú èyí ni ọ̀nà kan ti jáde fún dókítà tó ń wo ọkùnrin tí kò rí ọmọ bí. Bí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kò bá sí, tí FSH àti LH sì ga, kórópọ̀n fúnra rẹ̀ ló ní ìṣòro, pítúítárì sì ń pariwo sí i láìrí ìdáhùn. Bí FSH àti LH bá wálẹ̀ gan-an nígbà tí tẹsitọsitẹróònù ẹ̀jẹ̀ ga, tí kórópọ̀n sì ti rọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí dókítà bi í ni bóyá ó ń gba abẹ́rẹ́ tàbí ó ń fi oògùn pa ara láti fi kọ́ iṣan.