Keynes àti Ìdọ́gba Èlé Owó Ilẹ̀ Méjì
Ní ọdún 1923, Keynes, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé ìyàtọ̀ èlé ìlú méjì ló ń ya iye pàṣípààrọ̀ òní sọ́tọ̀ sí iye àdéhùn ọjọ́ iwájú. Ká ní pọ́n-ùn 1 jẹ́ dọ́là 4, tí èlé ọdún kan jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ní Lọ́ńdọ́nù, ìdá 2 ní Niu Yọ́ọ̀kì. Pọ́n-ùn 100 yóò di 104. Dọ́là 400 yóò di 408. Iye àdéhùn pọ́n-ùn 1 yóò wá jẹ́ 408 ÷ 104, nǹkan bíi dọ́là 3.92. Bí ó bá ṣì jẹ́ 4, ẹni tó yá dọ́là 400 láti fi pamọ́ sí Lọ́ńdọ́nù yóò gba 416, yóò san 408. Irú wọn ni yóò fa iye náà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2008, dọ́là wọ́n, àwọn báńkì kò fọkàn tán ara wọn. Ìdọ́gba náà sì yẹ̀.