Owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà: gbígbà lẹ́ẹ̀kan tàbí gbígbà lóṣooṣù

Lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì àjọdá ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 2004 dá sílẹ̀, tí ti ọdún 2014 sì rọ́pò rẹ̀, òṣìṣẹ́ ń dá ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 lé e. Owó náà ń wọ àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ alábòójútó ń fi ṣòwò, Àjọ Pẹ́nkọ̀mù sì ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ni ìbéèrè ń dé: èló ni kí èèyàn gbà lẹ́ẹ̀kan, èló ni kí ó fi sílẹ̀ fún oúnjẹ oṣooṣù?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé ẹni tó ni owó ló ń sọ iye tó fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó máa ṣẹ́ kù ni òfin kọ́kọ́ ń wọ̀n: ó gbọ́dọ̀ tó san owó oṣooṣù tí kò ní dín sí ìdajì owó oṣù tí èèyàn ń gbà kẹ́yìn. Ohun tó bá lé sí ìyẹn nìkan ló ṣeé gbà lẹ́ẹ̀kan. Àfi ẹni tí owó rẹ̀ kéré débi pé kò lè di owó oṣù gidi kan ló lè kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ká mú olùkọ́ kan tó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ ₦200,000, mílíọ̀nù 16 náírà ló sì wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ìdajì owó oṣù rẹ̀ ni ₦100,000. Bí a bá ṣírò ọdún 18 fún un láti máa gbà á, tí a sì fi èrè ìdá 8 lọ́dún kún un, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11.4 ló gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ó lè gba mílíọ̀nù 4.6 lẹ́ẹ̀kan. Bó bá mú mílíọ̀nù 2 péré, owó oṣooṣù rẹ̀ á gòkè sí nǹkan bíi ₦122,500. Ìyẹn ni pé mílíọ̀nù kan tí kò gbà yóò máa fi nǹkan bíi ₦8,750 kún un lóṣù. Ìṣirò Pẹ́nkọ̀mù gan-an ń wo ọjọ́ orí, ó sì ń wo bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà iye tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí.

Ibi tó ti ń ya èèyàn lẹ́nu rèé: ká ní wọ́n gbé olùkọ́ yìí ga nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tí owó oṣù rẹ̀ di ₦240,000. Ìdajì rẹ̀ ti di ₦120,000, ohun tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ti di mílíọ̀nù 13.7, owó àgbàlẹ́ẹ̀kan rẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 2.3. Ìgbéga ìkẹyìn ló jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá rántí ètò àtijọ́ lè bínú, ó sì nídìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó sìn fún ọdún 35 ń gba owó gíráṣúítì tó tó owó ọdún mẹ́ta, owó oṣooṣù rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80 owó oṣù ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ló ń ru ẹrù yẹn, àwọn tó fẹ̀yìn tì sì ń tò kiri lórí gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò san.

Lábẹ́ ètò tuntun, ọ̀nà méjì ni owó oṣooṣù ń gbà wá. Nínú ọ̀nà kìíní, owó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ alábòójútó, wọ́n ṣì ń fi ṣòwò, wọ́n ń yọ díẹ̀ san. Bí èèyàn bá kú, ohun tó kù di ti àwọn àjogún rẹ̀. Bó bá sì pẹ́ láyé ju ọdún tí wọ́n ṣírò lọ, owó náà lè gbẹ. Nínú ìwé àkáǹtì ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n: bí iye tó kù bá ń dín kù ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ, èrè kò tó nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni ánúítì, èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Wọn yóò máa san án títí ọjọ́ ikú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ikú bá dé láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, àjogún ni yóò gba ìyókù ọdún mẹ́wàá náà. Bó bá kọjá ìyẹn, kò sí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀wọ́n gógó ọjà ni ọ̀tá àwọn méjèèjì. Bí ọjà bá ń gbówó lérí ní ìdá 20 lọ́dún, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ₦100,000 kò ní ra ju ohun tí ₦40,000 ń rà lónìí. Ní ìparí ọdún 2024, iye tí ìjọba kéde kọjá ìdá 30. Ní tèmi, ìdí nìyí tí kò fi bójú mu láti máa bú ẹni tó fẹ́ mú owó àgbàlẹ́ẹ̀kan tó pọ̀, pàápàá bí ilé rẹ̀ bá ku òrùlé, tí owó ilé sì ń jẹ ẹ́ níyà. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó fún un, tó sì ní ẹbí púpọ̀ tó ń wojú rẹ̀, ni mo máa sọ fún pé kó fi síbẹ̀. Ní ti yíyan láàárín ọ̀nà méjèèjì, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dá lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alábòójútó, torí òfin gbà á láyè láti kúrò níbẹ̀ lọ ra ánúítì. Ẹni tó bá ti ra ánúítì kò lè padà sọ́dọ̀ alábòójútó.